Àròfà, òfin òòfà, tàbí ìwúre?

Atúmọ̀ ètò rédíò, Iléṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ kan wà tó ní ohun tí ẹ̀dá bá ń rò ṣáá ni yóò fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí "òfin òòfà". Ọ̀gá mi ní kí n kọ "ìwúre". Èwo ni kí n mú?

Ọmọ oníṣègùn, Iléṣà: Àbúrò, kọ "àfọ̀ṣẹ". Ohun kan náà ni. Bàbá mi á pe ohun tó wù wọ́n, ohun náà á sì dé. Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jí i ni.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ̀nà níbì kan: ẹ̀kọ́ méjèèjì gbà pé ohun tí a kò fojú rí lè mú èyí tí a ń fojú rí wá. Ṣùgbọ́n fífọ̀ ló wà nínú àfọ̀ṣẹ. Ẹni tó rò ó sínú tí kò fọhùn, kò tíì ṣe àfọ̀ṣẹ kankan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bi wá yìí kò bèèrè ẹnu, inú èrò ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwúre níbi ìsọmọlórúkọ. Àgbà mú obì, ó ní obì yóò bi ikú, yóò bi àrùn. Ó mú orógbó, ó ní ọmọ náà yóò gbó, yóò tọ́. Orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ ló ń bí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé á dáhùn pé "Àṣẹ!" Bí ilé bá dákẹ́, àgbà náà á dúró, á ní ṣé kò sí èèyàn nílé ni? Ẹni tó ń wúre wà, ẹni tí wọ́n ń wúre fún wà, àwọn tó ń fi àṣẹ sí i náà wà. Ẹni tó dá nìkan jí láàárọ̀ tó ń wúre fún ara rẹ̀ pàápàá, orí rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àdúrà náà, ọ̀rọ̀ tó ti èdè Lárúbáwá wá, ní ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà sì lè sọ pé rárá. Nígbà tí èrò ń ru omi lọ bá Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Òoyè, Iléṣà, ní 1930, Ọlọ́run ni wọ́n ń ké pè sórí omi náà. Nínú ẹ̀kọ́ tuntun yìí, kò sí ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti "òfin òòfà", òun la fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé nípa irin tó ń fa irin àti ohun tó ń fa máńgòrò wálẹ̀. William Walker Atkinson, ará Amẹ́ríkà, ti fi irú orúkọ yẹn sí àkọlé ìwé ní 1906. Ọlá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni orúkọ náà gbé wọ̀, mi ò fẹ́ ká bá wọn gbé e wọ̀ ọ́ ní Yorùbá. "Àròfà" ni mo dábàá: à rò, ó fà, bí a ṣe ní àròkọ àti àròsọ.

Ìyá aláṣọ, Iléṣà: Èmi ò mọ ìyẹn o. Ọmọ mi sanwó kíláàsì orí fóònù. Wọ́n ní kó lẹ àwòrán mọ́tò mọ́ ògiri, kó máa wò ó láràárọ̀ fún 40 ọjọ́. Kò bá àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní èrò àìní ni gbèsè. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi gbowó aṣọ wọn! Mọ́tò ò dé, wọ́n ní iyèméjì ló wà lọ́kàn ọmọ mi. Ṣé wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà?

Olùkọ́ èdè: Màmá, mi ò lè sọ ti owó. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí àléébù ibẹ̀: bó dé, èrò ló fà á, bí kò dé, iyèméjì ni. Kò sí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà lè jẹ̀bi. Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní Kalifọ́níà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fojú inú wo máàkì gíga kí ìdánwò tó dé, kí àwọn mìíràn máa fojú inú wo ara wọn níbi tí wọ́n ti jókòó ti ìwé. Àwọn kejì ló kàwé jù, àwọn náà ló gba máàkì jù.

Ọmọ oníṣègùn: Ṣé àwa náà kì í sọ pé ẹbọ ò pé ni?

Olùkọ́ èdè: À ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ sà, àròfà sún mọ́ àròfọ̀ jù. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò á rò pé ewì fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ èdè: Òótọ́ ni, mi ò ronú kan ìyẹn. Bóyá "ìgbàgbọ́ àròfà", kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ṣọ́ èkejì. "Ìgbàgbọ́" á tún jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òfin.

Atúmọ̀ ètò rédíò: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yọ ìwúre kúrò. Màá ka "àròfà" àti "ìgbàgbọ́ àròfà" sétí màmá mi lálẹ́ òní, kí n mọ èyí tí wọ́n máa ní kí n tún sọ.