"A gbà" àti "a ti rí i": kí la ó pe gbólóhùn tó ń de ni?

Atúmọ̀-èdè: Mo ń kọ ìtọ́ni fún àwọn tó ń yẹ ímeèlì iléeṣẹ́ wò kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Kí la lè pe gbólóhùn tí ẹni tó gbà á lè kà sí àdéhùn? "Ọ̀rọ̀ ìlérí" ni mo kọ, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Agbẹjọ́rò: Mo dábàá "gbólóhùn adeni". Ẹ wo èyí: "A ó kó ẹ̀rọ 40 ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, ní iye tí ẹ dá lé e." Kò sí "ìlérí" níbẹ̀, kò sí "àdéhùn". Síbẹ̀ ọjà, iye rẹ̀, owó àti ọjọ́ ti pé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló kọ́kọ́ dá owó náà, èsì yìí ti gbà fún un nìyẹn.

Oníṣirò owó: Ṣé láìbuwọ́lù? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo kà á sí.

Agbẹjọ́rò: Ẹ jàre díẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, lọ́pọ̀ ibi, òfin ń béèrè ìbuwọ́lù fún un. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ náà gan-an, ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Manchester, ní England, gbà pé orúkọ agbẹjọ́rò tí ẹ̀rọ ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ímeèlì fúnra rẹ̀ tó ìbuwọ́lù.

Akọ̀wé: "Ó dára" ló kó mi sí wàhálà. Oníbàárà kan fi iye owó ránṣẹ́, mo dáhùn pé "Ó dára, ẹ ṣé." Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mo ti rí i. Ó ti ra ọjà sílẹ̀ kí ọ̀gá mi tó ka iye náà.

Atúmọ̀-èdè: Ẹ pẹ̀lẹ́. "A ti rí i, a ó dá yín lóhùn" ni ìbá gbà yín.

Olùkọ́ èdè: Etí mi ń gbọ́ okùn àti ẹlẹ́wọ̀n nínú "adeni". "Gbólóhùn ajẹmọ́-àdéhùn" ńkọ́?

Agbẹjọ́rò: Ẹ forí jì mí, Ọ̀jọ̀gbọ́n. "A kò tíì ṣe àdéhùn kankan" náà jẹ mọ́ àdéhùn, kò sì de ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń yẹ ímeèlì wò ń wá. Bí mo ṣe máa tún ti ẹ̀rọ 40 kọ nìyí: "A ń gbèrò àtikó ẹ̀rọ 40 ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Ohunkóhun kò tíì de àwa tàbí ẹ̀yin, àfi bí àwa méjèèjì bá tọwọ́ bọ ìwé." Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni kó wà, kì í ṣe lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rọ láìtọwọ́ bọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ lè wo ìṣe yín ju gbólóhùn yẹn lọ.

Olùkọ́ èdè: Mo gbà lórí ìtumọ̀. Lórí ìró, mi ò tíì gbà.

Atúmọ̀-èdè: "Adeni" ni màá kọ́kọ́ lò. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú" ńkọ́, ṣé adeni ni?

Agbẹjọ́rò: Ẹ ka ímeèlì tó ṣáájú rẹ̀. Bí owó tàbí ọjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì fẹnu kò lé, ó ṣòro kó dè yín. Bí kò bá ku nǹkan kan, ẹ má fi ránṣẹ́.