Báwo ni mo ṣe lè mọ àwòrán àfibọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí mo kàn tẹrí ba?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fídíò àti kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Fídíò aṣọ rírán ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sàmì síbi tí ojú mi ti hàn, ibi tí ọ̀rọ̀ wà lójú fídíò, àti ibi tí mo ti fi àwòrán mìíràn bọ̀ ọ́, kí n lè fi wé ìlà tí YouTube fi ń ṣàfihàn bí àwọn èèyàn ṣe ń fi fídíò sílẹ̀ láìwò ó tán. YuNet inú OpenCV ló ń wá ojú. SFace ló ń sọ bóyá ojú mi ni, torí ojú oníbàárà tó wọ aṣọ náà lè hàn nínú àwòrán àfibọ̀. Òṣùwọ̀n 0.363 tí OpenCV dábàá ni mo lò: bí máàkì ìjọra bá kéré sí i, kì í ṣe ojú mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá tẹrí ba sídìí máṣíìnì, máàkì SFace á já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní àwòrán àfibọ̀ ni. Mo ní kí PySceneDetect wò ó bóyá àwòrán gé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, àmọ́ mo máa ń gé ìdánudúró inú ọ̀rọ̀ mi kúrò, nítorí náà ibi gbogbo ló ti ń gé.

Ṣé kí n máa fi àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn mi wé ara wọn ni? Tàbí ọ̀nà mìíràn wà? Ọ̀rọ̀ ojú fídíò ò yọ mí lẹ́nu: àkọlé ìsàlẹ̀ kì í kúrò, mo ti ní kó fojú fo ibẹ̀.