Bíìlì ilé tí iye rẹ̀ kò bára mu

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíìlì tí agbaṣẹ́ṣe kan mú wá fún ilé kan níhìn-ín l'Ákùrẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò.

Ní ìlà bulọ́ọ̀kù, 212 lọ́nà ₦9,500 yẹ kó jẹ́ ₦2,014,000, àmọ́ ₦2,104,000 ni wọ́n kọ. Ìyàtọ̀ náà, ₦90,000, ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Ó jọ pé 0 àti 1 ló gba ipò ara wọn nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àròpọ̀ abala náà sì ti gbé e mì.

Ti kọnkéré ló rú mi lójú. 14.50 ló hàn, réètì rẹ̀ ₦85,000, ó yẹ kó jẹ́ ₦1,232,500, ṣùgbọ́n ₦1,232,160 ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ inú àpótí náà ni mo rí 14.496.

Ṣé kí n fi èyí sí i,

```
=ROUND(C7,2)*D7
```

kí ohun tó hàn lórí ìwé lè bá iye mu? Ti bulọ́ọ̀kù ńkọ́, ṣé réètì la ó dì mú, ká tún iye ṣe, àbí ká kọ́kọ́ bi agbaṣẹ́ṣe?