Ìròyìn owó oṣù kẹta tí mo kọ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa

Akọ̀wé, Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láìgba kọ́bọ̀. Láti oṣù kìíní ni a ti ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà tó máa ń ka owó tó bá wọ báǹkì, tó sì máa ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tèmi ni kí n kọ àlàyé ojú ewé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Mo kọ pé owó tó wọlé jẹ́ 2,450,000 náírà, pé ó fi 650,000 dín sí ti oṣù kejì, àti pé ìnáwó wa fi 330,000 kọjá ohun tí a là sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ pé ẹgbẹ́ fẹ́ wó, ènìyàn mọ́kànlá sì ti ní àwọn fẹ́ gba owó àwọn. Obìnrin kan tí mo bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá ló dìde láàárín ìpàdé tó ní kí n wá sọ ibi tí owó wà. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí iye tí ẹ̀rọ gbé jáde gan-an ni mo kọ. Báwo ni kí n ṣe kọ ti oṣù kẹrin?

Ìyá Aláṣọ, Gbági: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Alájọ kan ti gbé owó wa lọ rí, ẹrù ọdún Iléyá ni mo fẹ́ fi owó náà rà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ní owó dín, àyà mi á já. Ẹ mú ìwé báǹkì wá kí gbogbo ènìyàn fi ojú ara wọn rí i.

Akọ̀wé, Bódìjà: Ẹ ṣé, Màmá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jí owó níbí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀bi yín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ iye, ẹ kò kọ ìdí. Kí ni 330,000 yẹn? Bí ó bá jẹ́ owó ilé ni, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìròyìn, kò kan oṣù kẹta.

Akọ̀wé, Bódìjà: Owó ilé ọdún kan ni, 360,000. A pín in sí 30,000 lóṣù nínú ètò ìnáwó, ṣùgbọ́n onílé gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Olùyẹ̀wé-owó, Ẹlẹ́yẹlé: Ẹ má yọ ọ́ o. Owó náà ti kúrò ní báǹkì, ẹni tó bá wo báǹkì yóò rí i pé ó ti lọ. Ẹ kọ ọ́ pé 360,000 jáde, pé 30,000 nínú rẹ̀ ni ti oṣù kẹta, pé oṣù mọ́kànlá tó ń bọ̀ ni 330,000 tó kù wà fún, a kò sì ní san án mọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ló wà nínú 2,450,000 yẹn?

Akọ̀wé, Bódìjà: Gbogbo owó tó wọlé ni. Èmi ni mo tò ó nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo ní kí gbogbo `Credit` máa lọ sí `Income`. Nínú ìwé ọwọ́ wa, oṣù kẹta ní owó ìfipamọ́ 1,200,000, ojú owó ẹ̀yáwó tí wọ́n dá padà 1,010,000, èlé 215,000, fọ́ọ̀mù àti owó ìtanràn 25,000. Ti oṣù kejì jẹ́ 1,400,000, 1,480,000, 200,000 àti 20,000.

Olùyẹ̀wé-owó, Ẹlẹ́yẹlé: Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìfipamọ́ jẹ́ gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ ọmọ ẹgbẹ́, ojú owó ẹ̀yáwó sì jẹ́ owó ẹgbẹ́ tó jáde tó padà wálé. Ìkankan nínú wọn kì í ṣe èrè. Èlé, fọ́ọ̀mù àti owó ìtanràn nìkan ni ẹgbẹ́ pa wọlé: 220,000 ní oṣù kejì, 240,000 ní oṣù kẹta. Ó fi 20,000 lé sí i, ẹ̀yin sì kọ ọ́ fún wọn pé ó dín! Ẹ tún ètò náà tò, kí oríṣi owó kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Lóṣooṣù, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ro owó ìfipamọ́ inú káàdì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀. Bí kò bá bá ti ẹ̀rọ mu, ẹ má tíì kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ojú owó ẹ̀yáwó fi 470,000 dín. Ta ni kò san?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Mo ti ní kí ẹ kọ ìdí.

Ìyá Aláṣọ, Gbági: Ẹ dá a lóhùn, ọmọ mi.

Akọ̀wé, Bódìjà: Ẹnì kan parí gbèsè rẹ̀ ní oṣù kejì, ìyẹn ló mú 160,000 kúrò. Ẹni mẹ́ta ni kò san 310,000 tó kù. Àbúrò alága wà nínú wọn. Alága ní kí n má kọ ọ́, pé yóò san kí oṣù kẹrin tó parí, èmi náà kò sì fẹ́ kí ìjà bẹ́.

Ìyá Aláṣọ, Gbági: Ẹ wá rí i pé àwọn tó bẹ̀rù kò bẹ̀rù lásán. Ẹ kọ orúkọ wọn.

Olùyẹ̀wé-owó, Ẹlẹ́yẹlé: Màmá, orúkọ kọ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó àti àwọn onídùúró ni ọ̀rọ̀ orúkọ kàn. Nínú ìròyìn, kí ó kọ pé ẹni mẹ́ta jẹ 310,000 tó yẹ kí wọ́n ti san, iye ọjọ́ tó ti kọjá, àti pé a ti kọ̀wé sí àwọn onídùúró wọn.

Ìyá Aláṣọ, Gbági: Owó wa ni wọ́n yá. Bí a kò bá mọ orúkọ, wọn kò ní san.

Akọ̀wé, Bódìjà: A kò tíì kọ̀wé sí onídùúró kankan. Alága fúnra rẹ̀ ló dúró fún àbúrò rẹ̀. N óò lọ bá a nílé lọ́jọ́bọ̀, kí n tó kọ ìlà kan ṣoṣo.