Ọjọ́ kẹwàá ní Mínà: kí lẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e?

Bàbá Ráúfù
Àsàláámù àlékùm. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe Háájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Háájì ṣe lọ fún yín. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́jọ́ náà: òkò jíjù, ẹran pípa, irun fífá àti tọ̀wáàfù Ìfáádà, ìyẹn yíyí Káábà ká. Bí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ṣe tò ó nìyẹn. Èmi dé láti Músídálífà láàárọ̀, mo ju òkò méje sí Jámírátù Àkábà, mo ń ké “Àlláhù Ákíbárù” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti sanwó ẹran, mo ti gba ìwé rẹ̀, wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wọlé tí wọ́n bá ti pa á. Títí di ọ̀sán, fóònù ò dún. Gbogbo àgọ́ ń fárí, èmi náà fárí. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé. Ẹnì kan ní mo ti jẹ gbèsè ẹran mìíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Àlàájì Kàmọ́rù
Òótọ́ ni o. Ọlọ́run ló sọ ọ́ ní Súrátù Bákárà, áyà 196: ẹ má fá orí yín títí ẹran ọrẹ yóò fi dé àyè rẹ̀. Gbèsè ẹran kan ni fún gbogbo ẹni tó bá fárí ṣáájú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣàkírù
Mo ṣe Úmúrà nínú Ràmàdáánì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹran. Mo parí Sáfà àti Máríwà, mo fárí, ó tán. Kí lẹ ń bá ara yín fà?

Ọmọ Àáfà
Ṣàkírù, Úmúrà kò ní òkò, kò sì ní ẹran ọ̀ranyàn. Ọ̀rọ̀ Háájì la ń sọ.

Àlàájì, áyà yẹn gan-an làwọn tó ń tẹ̀ lé Imáàmù Àbú Hánífà gbé ìdájọ́ wọn lé. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà níbẹ̀ dáadáa. Àbúdúláhì ọmọ Ámúrù gbà á wá pé Ànábì dúró ní Mínà nígbà Háájì ìdágbére, ọkùnrin kan ní, “N kò mọ̀, mo ti fárí kí n tó pa ẹran.” Ó ní, “Pa á, kò séwu.” Òmíràn ní òun ti pa ẹran kóun tó ju òkò. “Jù ú, kò séwu.” Lọ́dọ̀ Máálíkì, Ṣáfíì àti Ámádù, Bàbá Ráúfù kò jẹ gbèsè.

Ibi tí Máálíkì ti le ni òkò. Ẹni tó bá fárí kó tó ju òkò yóò san ìtánràn: ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tàbí oúnjẹ fún òtòṣì mẹ́fà, tàbí àgùntàn kan. Ìdí ni pé òkò yẹn ló kọ́kọ́ ń tú ènìyàn kúrò nínú ìhúràmù. Ẹni tí kò tíì jù ú, inú ìhúràmù ló ti fá irun. Àwọn àáfà máa ń fi irun fífá wé sàlámà tá a fi ń jáde nínú ìrun: kì í ṣáájú ohun tó wá parí.

Ìyá Sùkúrà
Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Mo ti ju òkò, mo ti gé irun mi níwọ̀n orí ìka, mo ń múra àtilọ sí Káábà ni nǹkan oṣù dé. Ẹni tó ń darí wa ní kí n máa bá wọn lọ sílé, kí n pa ẹran dípò tọ̀wáàfù. Mo kọ̀. Ìyá kan nínú yàrá wa rán mi létí Sáfíyà, aya Ànábì. Nígbà tí wọ́n ní nǹkan oṣù rẹ̀ dé, Ànábì bèèrè bóyá yóò dá àwọn dúró ni. Wọ́n ní ó ti ṣe Ìfáádà, ó ní kí ó máa bọ̀. Ìyẹn ni pé tọ̀wáàfù ìdágbére ló ṣeé fojú fò. Ìfáádà ni wọn ì bá dúró dè. Mo dúró, mo mọ́, mo wẹ̀, mo ṣe é.

Ọmọ Àáfà
Ẹ ṣeun, Àlàájà. Òpó Háájì ni, ẹran kì í rọ́pò rẹ̀. Máálíkì tilẹ̀ fàyè sílẹ̀ títí oṣù Háájì yóò fi parí. Obìnrin tí bàálù kò lè dúró dè ló ṣòro: àáfà àtijọ́ kan, Íbùnù Táímíyà, ní ó lè di ara rẹ̀ dáadáa kó sì ṣe é nítorí inira, ọ̀pọ̀ àáfà kò gbà.

Àlàájì Kàmọ́rù
Mo gbọ́ ti hàdíìsì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ní òun ò mọ̀. Bàbá Ráúfù mọ̀ pé wọn ò tíì pa ẹran rẹ̀.

Ọmọ Àáfà
Àwọn àáfà kan di ibẹ̀ yẹn mú lóòótọ́. Àwọn yòókù ní ìparí hàdíìsì náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: gbogbo ohun tí wọ́n bi í lọ́jọ́ yẹn, “Ṣe é, kò séwu” ló ń sọ.

Àlàájì Kàmọ́rù
Èmi yóò ṣì dúró de àtẹ̀jíṣẹ́ kí n tó fárí.