Oníbàárà mi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó: báwo ni mo ṣe máa kọ̀ tí kò ní bínú?

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oníbàárà mi àtijọ́ kan ní kí n yọ 15% kúrò lórí ọjà. Tí mo bá ta ọjà kan ní 100, 75 ni mo fi rà á, èrè mi ò ju 25 lọ. Tí mo bá gbà fún un, 10 péré ló máa kù fún mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé: “Ẹ má bínú, owó yẹn ò gbà á. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá san gbogbo owó ṣáájú, èmi ni màá san owó ọkọ̀.” Owó ọkọ̀ ò ju 4 lọ, ìyẹn ò pa mí lára. Àbí kí n kúkú ní kó dín iye ọjà tó fẹ́ rà kù? Èwo lẹ máa kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́?