Láti ìgbà tí mo ti ṣe áàpùdéètì, láptọ́ọ̀pù mi ń béèrè páswọ́ọ̀dù dísìkì. Ta ló ń ka PCR yìí gan-an?

Adébísí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fedora ni mò ń lò, LUKS ni mo fi ti dísìkì pa. Páswọ́ọ̀dù mi gùn, ó sú mi láti máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, ni mo bá so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ TPM, ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà, báyìí:

```
sudo systemd-cryptenroll --tpm2-device=auto --tpm2-pcrs=0+7 /dev/nvme0n1p3
```

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba áàpùdéètì tí `fwupdmgr` gbé wá, mo tún un tàn, páswọ́ọ̀dù ló béèrè. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, nǹkan kan ò sọnù, ṣùgbọ́n kò tíì yé béèrè títí di òní. Wọ́n ní PCR, ìyẹn àwọn àyè tí TPM ń tọ́jú iye sí, ló yí padà. Mo fi `tpm2_pcrread` wò ó, lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ súà ni mo rí. Ta ló ń kọ nǹkan síbẹ̀, ta ló sì ń kà á tó fi mọ̀ pé nǹkan yí padà?

Ṣẹ́gun

TPM ti rí ohun tí kò fẹ́ràn nìyẹn, ó sì dí i lọ́nà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe. Wọ inú BIOS, tẹ Clear TPM, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìyá Tàíwò

Adébísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Clear TPM. Ohun gbogbo tí ẹ bá ti so mọ́ TPM yẹn ló máa bá a lọ, kì í ṣe ti dísìkì yìí nìkan.

Ṣẹ́gun, òótọ́ ni pé TPM kọ̀ láti fi nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Kò lè ka dísìkì, kò sì mọ fámúwíà gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Fámúwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí CPU ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá a. Kí fámúwíà tó fi àkóso lé púrógíráàmù tó kàn lọ́wọ́, ó máa kọ́kọ́ ṣe háàṣì rẹ̀, ìyẹn iye kúkurú tó dà bí ìtẹ̀ka rẹ̀, á wá ní kí TPM fi háàṣì náà kún PCR báyìí-báyìí. TPM kì í kọ ọ́ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí o. Á mú iye tó wà níbẹ̀, á so tuntun mọ́ ọn nídìí, á ṣe háàṣì àpapọ̀ wọn:

```
PCR_tuntun = SHA256(PCR_àtijọ́ || háàṣì)
```

PCR 7 máa jẹ́ òdo pátápátá nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àṣẹ tó lè dá a padà sẹ́yìn, àfi kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìdí nìyẹn tí púrógíráàmù burúkú ò fi lè nu orúkọ ara ẹ̀ kúrò: wọ́n ti wọ̀n ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wọn nǹkan méjì kan náà, tí èkejì wá ṣáájú, iye tó máa jáde á yàtọ̀.

Ẹ ṣe `fwupdmgr get-history`, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Bọ́lájí

Ohun tó ṣe láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi náà nìyí! Wíńdòsì ni tiẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ màdábọ́ọ̀dù fún un, bó ṣe tàn báyìí, ojú búlúù, BitLocker ní ká mú nọ́ńbà 48 wá. PCR náà ni, àbí?

Ìyá Tàíwò

Tiyín yàtọ̀, Bọ́lájí. TPM àtijọ́ ti bá màdábọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ò lè tú èdìdì tí kì í ṣe òun ló dì í, PCR ì báà bára mu. Nọ́ńbà 48 yẹn nìkan ló lè gbà yín.

Adébísí

Mà, mo ti wò ó. `UEFI dbx` nìkan ló wà níbẹ̀. Fámúwíà ò sí níbẹ̀ rárá, ó yà mí lẹ́nu.

Ìyá Tàíwò

Ó tán. PCR 0 ni ti fámúwíà fúnra rẹ̀, ẹ ò sì fọwọ́ kàn án. PCR 7 ni ti Secure Boot, tó ń yẹ ìfọwọ́sí ohun tó ń bọ́ọ̀tù wò. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n síbẹ̀ ni bóyá Secure Boot wà ní títàn, lẹ́yìn náà àwọn kọ́kọ́rọ́ àti àkójọ rẹ̀, PK, KEK, db àti dbx, kí wọ́n tó kan sátífíkéètì tí wọ́n fi yẹ ohun tó bọ́ọ̀tù wò. Inú dbx ni àkójọ àwọn tí wọ́n ti fòfin dè wà. Odindi rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe háàṣì rẹ̀, nítorí náà bí ohun kan ṣoṣo bá wọlé kún un, PCR 7 yí padà, bí nǹkan náà ò tiẹ̀ kan láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ lè fojú ara yín rí i:

```
sudo tpm2_eventlog /sys/kernel/security/tpm0/binary_bios_measurements
sudo tpm2_pcrread sha256:0,7
```

Ẹ wá `PCRIndex: 7` tó ní `UnicodeName: dbx`. Nísàlẹ̀ pátápátá, àṣẹ àkọ́kọ́ máa ṣe ìṣirò gbogbo àkọsílẹ̀ náà láti òdo, á kọ èsì rẹ̀ sí abẹ́ `pcrs`. Ẹ fi wé ti àṣẹ kejì. Inú mẹ́mórì lásán ni àkọsílẹ̀ yẹn wà, ènìyàn lè yí i. Ohun tó jẹ́ ká gbà á gbọ́ ni pé ìṣirò rẹ̀ bá ohun tó wà nínú TPM mu.

Ẹni tó ń kà á wá ńkọ́? Nígbà tí ẹ ṣe `systemd-cryptenroll`, TPM fi èdìdì di kọ́kọ́rọ́ kan pẹ̀lú májẹ̀mú pé PCR 0 àti 7 gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n dì yẹn wà ní orí dísìkì, nínú LUKS. Bí kọ̀ǹpútà bá ń bọ́ọ̀tù, systemd nínú initrd, ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ kí dísìkì tó ṣí, á gbé e fún TPM, á ní kó tú u. TPM fúnra rẹ̀ ló máa yẹ PCR tirẹ̀ wò. Bí kò bá bára mu, kò ní tú u, systemd á sì yíjú sí yín fún páswọ́ọ̀dù. Bí ẹnì kankan ò bá béèrè kọ́kọ́rọ́, PCR ì báà yí padà lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà á máa bọ́ọ̀tù lọ ní tiẹ̀.

Fúnmi

Níbi iṣẹ́ wa, sáfà mìíràn ló ń kà á. Keylime, púrógíráàmù tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò láti ọ̀nà jíjìn, á fi nọ́ńbà kan tí kò tíì lò rí ránṣẹ́, TPM á kọ PCR àti nọ́ńbà náà pọ̀, á fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èsì àná dá a lóhùn. PCR fúnra rẹ̀ kì í ṣe àṣírí, ìfọwọ́sí yẹn ni iṣẹ́ wà.

Ìyá Tàíwò

Ó ṣé, Fúnmi. Adébísí, àtúnṣe rèé:

```
sudo systemd-cryptenroll --wipe-slot=tpm2 --tpm2-device=auto --tpm2-pcrs=7 /dev/nvme0n1p3
```

Ẹ má yọ páswọ́ọ̀dù yín kúrò o. Ohun kan tún wà: bí dbx bá tún dé lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà tàn kí ẹ tó ṣe àṣẹ yìí. Iye tí wọ́n wọ̀n nígbà tó tàn ló ṣì wà nínú PCR 7. Bí ẹ bá dì í kí ẹ tó tún un tàn, ti àtijọ́ lẹ dì, páswọ́ọ̀dù náà ló máa tún béèrè.

Ṣẹ́gun

Mo gbọ́ ti ọlọ́pàá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 0 kúrò! Ṣé 7 nìkan tó? Ẹni tó bá jí láptọ́ọ̀pù náà lè yí initrd padà, wọn kì í sì yẹ ìfọwọ́sí initrd wò ní Fedora lásán. PCR 7 ò ní mọ̀.

Ìyá Tàíwò

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 0 náà ò rí initrd. PCR 9 ló ń rí i, bẹ́ẹ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń yí ìyẹn padà. Èmi ò fẹ́ irú wàhálà yẹn. `--tpm2-with-pin=yes` ni mo fi kún tèmi.

Fúnmi

Èmi ò gbà pé PIN ló yanjú ẹ̀. Bí initrd bá ti jẹ́ ti olè, òun ló máa béèrè PIN náà lọ́wọ́ yín. UKI, fáìlì kan ṣoṣo tó kó kẹ́nẹ́ẹ̀lì àti initrd pọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí, pẹ̀lú PCR 11 ni mo máa bá lọ, bó tiẹ̀ gba iṣẹ́.

Adébísí

Mo ti ṣe é, mo tún un tàn, kò béèrè mọ́. Ìṣirò `pcrs` 7 bá ti `tpm2_pcrread` mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti PIN, mo ṣì ń rò ó, torí títẹ nǹkan láràárọ̀ ni mo ń sá fún. Fúnmi, ṣé Fedora lè ṣe UKI yẹn fún mi, àbí èmi ni mo máa kọ́ ọ fúnra mi?